Pápákọ̀ Wo Ni Ká Gbà Kọjá? Físà Ìkọjá àti Tíkẹ́ẹ̀tì Pọ́ọ́kú fún Ará Yewa

Ẹni tó bá ti rí físà Kánádà tàbí ti Ṣáínà gbà sínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sábà máa ń rò pé wàhálà ìwé ti tán, pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ló kù. Ohun kan ṣì kù. Ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn èèyàn wa ń lọ ni kò ní ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ tààrà láti Èkó. Wọn á sọ̀ kalẹ̀ níbì kan láàárín ọ̀nà, wọn á sì wọ òmíràn. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tó kàn ń kọjá lọ, òfin náà kò sì rí bákan náà fún gbogbo páásípọ́ọ̀tù. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí òfin yìí le mọ́ jù.

Wọn kì í dúró títí ẹ ó fi dé ọ̀hún kí wọ́n tó dá yín padà. Ní Ìkẹjà, níwájú kọ́ńtà tí ẹ ti ń gbé ẹrù sórí ìwọ̀n, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ á tẹ orílẹ̀-èdè yín, ibi tí ẹ ń lọ, ibi tí ẹ ó gbà kọjá àti físà tó wà lọ́wọ́ yín sórí ẹ̀rọ. Àkójọ òfin tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú káàkiri ayé ń lò, tí wọ́n ń pè ní Timatic, á wá sọ fún un bóyá kí ó jẹ́ kí ẹ wọkọ̀. Bí ó bá ní kí ó má ṣe é, ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ìdí ni pé iléeṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé máa ń san ìtanràn. Ní Bírítéènì, 2,000 pọ́n-ùn ni lórí èèyàn kan, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà sì ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò. Òṣìṣẹ́ náà ń dáàbò bo owó ọ̀gá rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú tí ẹ san ńkọ́? Ọ̀pọ̀ irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í ní àdápadà, nítorí ojúṣe èrò ni kí ìwé rẹ̀ pé.

Inú àti ìta

Kí ẹ tó lóye òfin kankan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú pápákọ̀ àti ìta rẹ̀. Inú ni gbogbo ibi tí èrò lè rìn dé láìjẹ́ pé ó kọjá níwájú òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ìlú náà. Ìta ni ibi tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù, tí èrò sì ti wọ ìlú. Ẹ fi wé gáréèjì: ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ìlarò ní gáréèjì Sángò, tó sì wọ ọkọ̀ Ìkẹjà láìjáde ní géètì, inú ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá jáde lọ wá ọkọ̀ mìíràn lójú títì, ó ti bọ́ síta.

Ohun mẹ́ta ló máa ń tì yín síta láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ ẹ. Àkọ́kọ́ ni ẹrù. Bí ìrìn àjò bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹrù yín á dúró sí ìlú àárín, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ìta pátápátá sì ni ìyẹn wà. Ẹ ó jáde gbà á, ẹ ó sì gbé e lọ sí kọ́ńtà iléeṣẹ́ kejì. Ìkejì ni pápákọ̀ méjì nínú ìlú kan: ẹ balẹ̀ sí ọ̀kan, ọkọ̀ kejì ń gbéra ní òmíràn. Ìkẹta ni alẹ́. Àwọn pápákọ̀ kan máa ń ti ibi ìkọjá wọn lóru, wọ́n á ní kí èrò jáde kó lọ sùn níta títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, ẹ wá ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń wà ní kékeré lábẹ́ iye owó: `Self-transfer`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà so ọkọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn pọ̀, ó sì fi ọ̀ràn físà, ẹrù àti ìpẹ́lẹ́yìn lé yín lọ́wọ́. Tí ó bá jẹ́ éjẹ́ǹtì ló tà á fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà níbí?" Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ní òǹkà 13. Kì í ṣe kóòdù kúkúrú onílẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n fi ń wá orúkọ yín. Bí nọ́ńbà kan náà bá wà lórí gbogbo ẹsẹ̀ ìrìn àjò náà, tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, ẹrù sì sábà máa ń lọ tààrà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà méjì láti iléeṣẹ́ méjì tó yàtọ̀, ẹ mú un bí ìrìn àjò méjì, àfi tí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín pé òun á fi ẹrù náà ránṣẹ́ dé òpin.

Yúróòpù, Bírítéènì, Amẹ́ríkà

Òfin físà àwọn orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ńgẹ̀n, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009, ní àkójọ kan nínú. Ọmọ orílẹ̀-èdè tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà ìkọjá kí ó tó jókòó sínú pápákọ̀ wọn, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ wákàtí kan péré. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Gánà pẹ̀lú. Físà yìí ni wọ́n ń pè ní oríṣi A. Torí náà Párísì, Amsitadámù, Fráńkífọ́ọ̀tù àti Brọ́sẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan ni gbogbo wọn lójú ọ̀ràn yìí.

Òfin kan náà ló tún ṣílẹ̀kùn àbáwọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì kò mọ̀. Ẹni tó bá ní físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Japáànù tàbí Áyálándì kò nílò oríṣi A. Ẹni tó ní físà Ṣẹ́ńgẹ̀n gan-an kò nílò rẹ̀, ẹni tó ní ìwé ìgbé ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà kò sì nílò rẹ̀. Kí ẹ kíyè sí orúkọ tí kò sí níbẹ̀: Bírítéènì. Nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, físà wọn ń gba ọmọ Nàìjíríà kọjá. Láti ìgbà tí ìgbà ìyípadà wọn ti parí ní òpin ọdún 2020, òfin Yúróòpù kò ka físà Bírítéènì mọ́ àwọn tó ń dá ènìyàn sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ kàwé ní Lídísì tàbí tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Manṣẹ́sítà, tó sì rí tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú tó gba Párísì, kò gbọdọ̀ rò pé físà Lọ́ńdọ̀nù á gbà á. Tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí Isitáńbùlù, Dóhà, Àdìsì Àbábà, ni kí ó máa wò.

Ẹ̀tàn tó burú jù nínú Yúróòpù ni kí tíkẹ́ẹ̀tì gba pápákọ̀ Ṣẹ́ńgẹ̀n méjì. Láti Fráńkífọ́ọ̀tù sí Múníìkì jẹ́ ìrìn inú ilé lójú wọn, nítorí náà ẹni tó bá wọ ọkọ̀ yẹn ti wọ Jámánì. Físà oríṣi A kò tó, ìdásílẹ̀ nítorí físà Kánádà kò tó, físà Ṣẹ́ńgẹ̀n gidi ni wọn á béèrè. Tíkẹ́ẹ̀tì oníbùdó méjì bẹ́ẹ̀ sì lè pọ́ọ́kú, àmọ́ àwọn tó ní páásípọ́ọ̀tù tó lágbára nìkan ló lè lò ó láìsí wàhálà.

Bírítéènì náà ní físà ìkọjá méjì. Ọ̀kan wà fún ẹni tó máa wà nínú pápákọ̀, èkejì wà fún ẹni tó máa bọ́ síta. Ọmọ Nàìjíríà nílò ti inú. Àmọ́ ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà tàbí Níú Sílándì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò nílò rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tiẹ̀ ń lọ sí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè yẹn tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, wọ́n lè jẹ́ kí ó jáde láìní físà, bí ó bá bá ọkọ̀ òfurufú dé, tí ọkọ̀ òfurufú yóò gbé e lọ kí ọjọ́ kejì tó parí, tí ìwé rẹ̀ sì pé. Òṣìṣẹ́ tó wà lójú iṣẹ́ ló máa pinnu.

Ti Amẹ́ríkà rọrùn láti sọ: kò ní inú. Gbogbo èrò tó bá balẹ̀ sí Átíláńtà tàbí Níú Yọ́ọ̀kì ló máa dúró níwájú ìmígíréṣọ̀n wọn, ó máa gba ẹrù rẹ̀, ó sì máa tún un fi lélẹ̀, bí ibi tó ń lọ tiẹ̀ jẹ́ Kánádà tàbí Jàmáíkà. Láìsí físà Amẹ́ríkà, títí kan ti ìkọjá tí wọ́n ń pè ní C-1, ọ̀nà yẹn ti dí. Kánádà náà ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń kọjá lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin fún ọmọ Ìlarò kan

Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí ẹnì kan. Ọmọbìnrin kan parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Pólì Ìlarò, ó gba físà Kánádà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Toróńtò. Bàbá rẹ̀ ní kí éjẹ́ǹtì wá èyí tó pọ́ọ́kú jù. Éjẹ́ǹtì fi mẹ́rin ránṣẹ́:

```
1  LOS - ATL - YYZ
2  LOS - FRA - MUC - YYZ
3  LOS - LGW  +  LHR - YYZ   (Self-transfer)
4  LOS - FRA - YYZ
```

Ẹ jẹ́ ká gbà pé bí wọ́n ṣe tò wọ́n yìí ni owó wọn ṣe ga sí, ti àkọ́kọ́ ló kéré jù. Ọmọ náà kò ní físà Amẹ́ríkà. Torí náà àkọ́kọ́, tó gba Átíláńtà, kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń jíròrò. Wọn kò ní jẹ́ kó wọkọ̀ ní Ìkẹjà.

Èkejì dára lójú, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, ẹrù á lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ó ń fò láti Fráńkífọ́ọ̀tù sí Múníìkì, a sì ti sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Físà Kánádà rẹ̀ lè gbà á kọjá nínú Fráńkífọ́ọ̀tù, kò lè gbà á wọ Jámánì.

Ẹ̀kẹta ló yẹ ká fara balẹ̀ wò, nítorí òfin kò tì í pa. Ó máa balẹ̀ sí Gátíwíìkì, ó sì máa gbéra ní Hítírò. Pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pe méjèèjì, àmọ́ wọ́n jìnnà síra, bọ́ọ̀sì ló máa gbé e láti ọ̀kan dé èkejì. Nítorí pé ó ní físà Kánádà, tó sì ń lọ sí Kánádà gan-an, Bírítéènì lè jẹ́ kó jáde láìní físà. Ìmígíréṣọ̀n ibẹ̀ lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì kejì, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ àti ohun tó fi hàn pé ó máa lọ lóòótọ́. Ibi tí ewu wà ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni. Bí ọkọ̀ Èkó bá pẹ́ wákàtí mẹ́rin, iléeṣẹ́ tó ń gbéra ní Hítírò kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ohunkóhun, á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Ó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní owó ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò tí wọ́n fún un láti fi kọjá á ti máa tán lọ. Èmi kì í gba ọmọ tó ń rìnrìn àjò fún ìgbà àkọ́kọ́ níyànjú pé kó ṣe é. Bó bá jẹ́ ẹni tó ti mọ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fi ọjọ́ kan sí àárín ọkọ̀ méjèèjì, tí kò sì ní ẹrù ju èyí tó lè gbé lọ́wọ́ lọ, ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n rà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, pápákọ̀ Yúróòpù kan, físà Kánádà tó ń dá a sílẹ̀ lọ́wọ́ oríṣi A. Nígbà tó bá dé kọ́ńtà ní Ìkẹjà, kí ó tó kúrò níbẹ̀, kó wo tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ńlá tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ `YYZ`. Bó bá jẹ́ `FRA` ló hàn bí ibi òpin, kó ní kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, torí ẹrù rẹ̀ á dúró síta ní Jámánì, òun kò sì ní lè jáde lọ gbà á.

Ohun kan kù tí àwọn òbí kì í rántí. Ìdásílẹ̀ Yúróòpù àti ti Bírítéènì sábà máa ń dúró lórí físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Físà tí Kánádà lẹ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tù akẹ́kọ̀ọ́ lè kú kí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kú. Bó bá ń bọ̀ wálé fún ìsinmi lẹ́yìn ọdún méjì, ọjọ́ tí físà yẹn ń parí ni kó kọ́kọ́ wò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Fráńkífọ́ọ̀tù. Bí ó bá ti kú, kó gba Àdìsì tàbí Isitáńbùlù wálé.

Oníṣòwò tó ń lọ Gúáńsù

Ọkùnrin kan ní Ayétòrò ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà, ó ní físà Ṣáínà, ó sì fẹ́ lọ Gúáńsù. Físà Ṣáínà kò sí lára àwọn tí Yúróòpù tàbí Bírítéènì kà sí. Torí náà tíkẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó gba Párísì tàbí Lọ́ńdọ̀nù máa ń mú físà ìkọjá wá pẹ̀lú rẹ̀: ìwé àkọkún, owó, ìrìn àjò lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìka ọwọ́ ní Èkó, àti ọ̀sẹ̀ tí páásípọ́ọ̀tù á fi wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè san èyí.

Ọ̀nà tirẹ̀ ni Àdìsì Àbábà, Dóhà, Dùbáì àti Isitáńbùlù. Nínú gbogbo wọn, ọmọ Nàìjíríà tó ní tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí kò jáde nínú pápákọ̀, lè kọjá láìní físà. Ìmíréètì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò wá sí Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró ní ọdún 2022, ọ̀nà Dùbáì sì tún ṣí. Àmọ́ Dùbáì àti Isitáńbùlù ní pańpẹ́ kan náà: ìlú méjèèjì ní pápákọ̀ ju ọ̀kan lọ. Isitáńbùlù ní `IST` ní ẹ̀gbẹ́ Yúróòpù àti `SAW` ní ẹ̀gbẹ́ Éṣíà. Ọkọ̀ pọ́ọ́kú sábà máa ń lo `SAW`, ọkọ̀ Tọ́kì tó ń ti Èkó lọ máa ń balẹ̀ sí `IST`. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ní àwọn méjèèjì nínú ń béèrè físà Tọ́kì. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà níbi ìbalẹ̀ àti lẹ́tà mẹ́ta tó wà níbi ìgbéra. Bí wọn kò bá jọ ara wọn, ẹ má sanwó.

Kí ó sì wo iye wákàtí. Dóhà, fún àpẹẹrẹ, ń fún èrò ní wákàtí 24 nínú pápákọ̀ láìní físà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ní ìdúró ọjọ́ kan àti ààbọ̀ láàárín kò bá ìyẹn mu mọ́, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Kútọ̀nù, Lọ́mè, Akrà

Ará Yewa ní ohun kan tí ará Ìbàdàn kò ní: pápákọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn kò jìnnà sí i. Láti Ìlarò, ẹ gba Owódé lọ sí Ìdí-Ìrókò, ẹ sọdá sí Ìgólò, ẹ gba Àjàṣẹ́ dé Kútọ̀nù. Pápákọ̀ Kádínà Bẹ̀nádẹ́ẹ̀nì Gántìn wà ní Kajẹhún, nínú ìlú náà. Nígbà mìíràn tíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ máa ń dín sí ti Èkó. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń lọ, àti ibi tó ti ń bàjẹ́.

Àdéhùn Ẹ́kówáàsì ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ mìíràn fún 90 ọjọ́ láìní físà. Fún àwa ará Yewa, àǹfààní rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìta pápákọ̀ kò dí mọ́ yín ní Kútọ̀nù, Lọ́mè, Akrà tàbí Abijáànì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ méjì, ẹ lè jáde, ẹ gba ẹrù, ẹ sùn, kí ẹ sì padà wá ní òwúrọ̀. Nítorí náà bí ẹ bá máa ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó, ibẹ̀ nìkan ni mo lè sọ pé kí ẹ fi ìsopọ̀ wọn sí. Màlì, Búrúkínà Fasò àti Níjẹ̀ ti kúrò nínú Ẹ́kówáàsì ní oṣù kìíní ọdún 2025, ẹ má fi wọ́n sínú ìṣirò yìí.

Lọ́mè ló wúlò jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni ASKY fi ṣe ibùdó rẹ̀ láti ọdún 2010, ọkọ̀ Etiópíà sì ń lò ó pẹ̀lú, torí náà ènìyàn lè fi tíkẹ́ẹ̀tì kan gba Kútọ̀nù, Lọ́mè àti Àdìsì lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ohun tó ń bàjẹ́ ni òǹtẹ̀. Ní Ìdí-Ìrókò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọdá lójoojúmọ́ láìfi páásípọ́ọ̀tù han ẹnikẹ́ni, nítorí ọjà tàbí nítorí ẹbí tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń lọ wọ ọkọ̀ òfurufú kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ìmígíréṣọ̀n Nàìjíríà lu òǹtẹ̀ ìjáde, kí ti Bẹ̀nẹ̀ lu òǹtẹ̀ ìwọlé ní Ìgólò. Ní Kajẹhún, òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ kí èrò jáde á wá òǹtẹ̀ ìwọlé yẹn nínú páásípọ́ọ̀tù, bí kò bá sì rí i, ọ̀rọ̀ á gùn, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ẹ mú káàdì yẹ́lò dání, èyí tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lẹ́nu bodè àti ní pápákọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé bodè lè tì. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo bodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ìdí-Ìrókò kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní Kútọ̀nù ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ń ta ayò lórí bodè yẹn. Ẹ ra á nígbà tí ọjọ́ bá ti sún mọ́, tàbí kí ẹ rí i dájú pé owó rẹ̀ ṣe é dá padà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn rò pé òfin ìkọjá á rọ̀ nítorí pé òun wọkọ̀ ní Kútọ̀nù. Òfin ń tẹ̀lé páásípọ́ọ̀tù, kì í tẹ̀lé ibi tí ẹ ti wọkọ̀. Ọkọ̀ Fáransé láti Kútọ̀nù sí Párísì ń béèrè oríṣi A lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà gẹ́lẹ́ bí ti Èkó. Ohun tí Kútọ̀nù ń yí padà ni owó àti bí ìsopọ̀ ṣe rọrùn tó, kì í ṣe físà.

Àti ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ Kútọ̀nù, Lọ́mè, Àdìsì, Gúáńsù, kí ẹ má ṣe rò pé ẹ lè fi mọ́tò lọ sí Lọ́mè kí ẹ sì wọkọ̀ níbẹ̀, nítorí pé Kútọ̀nù sí Lọ́mè kò jìnnà lójú títì. Bí ẹ kò bá wọ ọkọ̀ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà á kọ yín sílẹ̀ bí ẹni tí kò wá, á sì pa gbogbo ìyókù rẹ́, títí kan ti ìpadàbọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé Lọ́mè ni ẹ ó ti gbéra, Lọ́mè ni kí tíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀. Bí nǹkan bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, ẹ pe iléeṣẹ́ náà kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ ẹsẹ̀ yẹn kúrò. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ lé e.